Pirolákítìnì ga, nǹkan oṣù ò lọ déédé: ẹ wo àpò oògùn yín kí ẹ tó lọ ya ọpọlọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o dókítà. Ọmọ ọdún 32 ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé, mo ti bímọ kan, ọmọ náà ti pé ọdún 4. Láti bí oṣù mẹ́jọ ni nǹkan oṣù mi ti ń ṣe ségesège, nígbà míì ọjọ́ 45, nígbà míì oṣù méjì gbáko. Mo ṣe tẹ́ẹ̀sì họ́mónù, pirolákítìnì mi jẹ́ 64 ng/mL, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò yẹ kó kọjá 25. Ẹni tó fún mi lésì ní kókó ló máa wà nínú ọpọlọ mi, kí n lọ ya MRI, ìyẹn àwòrán inú ọpọlọ, ẹlòmíì ní kí n kàn máa lo bíromokíríptíìnì, oògùn tó ń mú pirolákítìnì wálẹ̀. Oorun ò kùn mí mọ́. Tí mo bá tẹ ọmú mi, omi funfun díẹ̀ máa ń jáde. Oògùn kan ṣoṣo tí mò ń lò ni ti ọ́sà, rabẹpirasóòlù tó ní dọmpẹridóònù nínú, ó ti ń lọ sí ọdún kan. Ṣé dandan ni kó jẹ́ kókó?

Ìdáhùn: Rárá o arábìnrin mi, kì í ṣe dandan rárá, kódà nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ yìí, oògùn ọ́sà yẹn ni ojú mi kọ́kọ́ lọ bá. Rabẹpirasóòlù kọ́ o, èkejì rẹ̀ tó wà nínú kápúsù kan náà, dọmpẹridóònù yẹn. Mo máa padà sórí ẹ̀ dáadáa, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ lára, torí tí ìyẹn bá ti yé yín, ẹ̀yin fúnra yín lè máa bi dókítà yín ní ìbéèrè tó yẹ.

Pirolákítìnì ni họ́mónù tó ń mú kí ọmú ṣe wàrà. Pitúítárì ló ń ṣe é, ìyẹn ẹ̀yà ara kékeré kan tí ò ju hóró ẹ̀wà lọ tó wà lábẹ́ ọpọlọ. Àwọn họ́mónù yòókù tó ń ti pitúítárì jáde, ọpọlọ ló máa ń ránṣẹ́ sí wọn pé ó yá, ẹ jáde. Ti pirolákítìnì yàtọ̀. Òun ti múra àtijáde nígbà gbogbo, iṣẹ́ ọpọlọ ni pé kó máa dá a dúró, nǹkan tó sì fi ń dá a dúró ni dópámíìnì. Ẹ wò ó bíi mọ́tò tí wọ́n gbé sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bíréèkì ló dì í mú, ẹnikẹ́ni tó bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, mọ́tò máa lọ, kò dìgbà tí ẹnì kan bá tì í. Ìdí nìyẹn tí ohun tó lè gbé pirolákítìnì sókè fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí kì í ṣe kókó nìkan ló lè ba bíréèkì jẹ́, kókó kàn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni.

Tó bá wá ga, kí ló kan nǹkan oṣù? Ó kàn án gan-an. Tí pirolákítìnì bá pọ̀, ọpọlọ máa dín àṣẹ tó ń fi ránṣẹ́ sí ilé ẹyin kù, ẹyin ò ní gbó dáadáa, kò ní já lásìkò, ìgbà tí ẹyin ò bá ti já lásìkò nǹkan oṣù náà ò ní mọ ìgbà tó yẹ kó dé. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú tí kì í rí nǹkan oṣù fún oṣù bíi mélòó kan, ara rẹ̀ ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀. Tiyín ni pé kò sí ọmọ lọ́mú, ara sì ń ṣe bíi pé ó wà.

Ẹ jẹ́ ká wá wo 64 yẹn. Ó ga lóòótọ́, ó ju ìlọ́po méjì 25 lọ, mi ò ní sọ fún yín pé kẹ́ ẹ gbàgbé ẹ̀. Ṣùgbọ́n iye náà máa ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà. Kókó tó ń ṣe pirolákítìnì, tó bá ti tóbi, iye tó máa ń gbé jáde sábà máa ń kọjá 250. Àárín 25 sí 100 tí tiyín wà yìí, ibẹ̀ ni oògùn máa ń kó àwọn èèyàn sí, ibẹ̀ ni táírọ́ìdì, ẹ̀yà ara kan tó wà lọ́rùn, máa ń kó wọn sí tó bá ń falẹ̀, ibẹ̀ náà ni kókó kékeré lè wà, kí n má purọ́ fún yín. Nítorí náà iye yìí nìkan ò lè dájọ́, kò lè sọ pé kókó ni, kò sì lè sọ pé kókó kọ́. Ẹni tó wo ìwé èsì tó sọ pé kókó ló máa jẹ́, kò tíì bi yín ní ìbéèrè kankan, ó ti fò dé ìparí.

Ohun àkọ́kọ́ gan-an, kó tó kan oògùn, ni oyún. Mo mọ̀ pé ẹ lè sọ pé dókítà, mi ò lóyún, ṣùgbọ́n ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń lo oṣù méjì kí ó tó dé, báwo ló ṣe fẹ́ fi ọjọ́ tó pẹ́ mọ̀? Oyún máa ń gbé pirolákítìnì sókè láti kékeré, tó bá fi máa di àsìkò ìbímọ ó lè kọjá 200. Ẹ ra tẹ́ẹ̀sì oyún onítọ̀ ní kẹ́míìsì, owó rẹ̀ ò tó nǹkan kan lára owó MRI, ẹ ṣe é láàárọ̀. Mo ti rí ẹni tí wọ́n fún ní ìwé pé kó lọ ya ọpọlọ, oyún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ló wà níkùn rẹ̀, kò sì sí ẹni tó bi í.

Ó dáa, ká wá lọ sórí oògùn, torí ibẹ̀ ni mo rò pé ọ̀rọ̀ yín wà.

Dọmpẹridóònù, iṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ni pé kó jẹ́ kí oúnjẹ tètè kúrò nínú ikùn, kó sì dá èébì dúró. Bó ṣe ń ṣe é ni pé ó máa ń dí ojú ibi tí dópámíìnì ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ ti rí ibi tí mò ń lọ. Dópámíìnì tó ń dá èébì sílẹ̀ ló fẹ́ dí, ṣùgbọ́n dópámíìnì kan náà ni bíréèkì pirolákítìnì. Àwọn kan máa ń jiyàn pé dọmpẹridóònù kì í wọ ọpọlọ, òótọ́ ni, kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ọpọlọ, torí ògiri kan wà tó ń dáàbò bo ọpọlọ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ oògùn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ ìta ògiri yẹn ni pitúítárì wà, oògùn náà ń kàn án tààrà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe lágbára tó, oògùn yìí kan náà ni àwọn dókítà kan máa ń fún ìyá tí wàrà rẹ̀ ò tó ọmọ, kí wàrà lè pọ̀ sí i. Ẹ̀yin ti wá lò ó fún bí ọdún kan, láìní ọmọ lọ́mú. Omi funfun tẹ́ ẹ ń rí yẹn ò yà mí lẹ́nu.

Kì í ṣe òun nìkan. Mẹtokilopíráámáìdì tí wọ́n máa ń fún èèyàn fún èébì, bẹ́ẹ̀ náà ni, kódà ó lè gbé iye náà kọjá 100. Lẹfosọ́píráìdì náà wà, wọ́n máa ń pò ó mọ́ oògùn ọ́sà nínú kápúsù kan náà, ẹni tó ń lò ó ò sì ní mọ̀, torí orúkọ oògùn ọ́sà ló mọ̀, orúkọ kejì tí wọ́n kọ tẹ̀lé e ò yé e. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ní kí àwọn èèyàn mi kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò wá, kí wọ́n da àpò náà sórí tábìlì, páálí àti sáṣẹ́, torí tí mo bá kàn béèrè pé oògùn wo lẹ ń lò, wọ́n máa ní kò sí, wọ́n á gbàgbé ti ọ́sà, wọ́n á gbàgbé abẹ́rẹ́ tí wọ́n gbà lóṣù tó kọjá. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ tiyín síbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ò jẹ́ kọ ọ́.

Àwọn oògùn àìsàn ọpọlọ ló lágbára jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn bíi halopẹridọ́ọ̀lù àti rispẹridóònù, torí dídí dópámíìnì gan-an ni iṣẹ́ wọn. Rispẹridóònù lè gbé e kọjá 200 láìsí kókó kankan níbì kankan. Tí ẹnì kan bá ń ka èyí tó ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má fúnra yín dá a dúró nítorí nǹkan oṣù, àìsàn tó máa padà wá lè burú ju nǹkan oṣù tó ń pẹ́ lọ fíìfíì. Ẹ sọ fún dókítà tó ń tọ́jú yín, òun lè pààrọ̀ rẹ̀ sí irú èyí tí kì í ṣe pirolákítìnì ní nǹkan púpọ̀, bíi aripipirasóòlù. Àwọn tó sì ń gba abẹ́rẹ́ oṣooṣù, oògùn yẹn máa ń pẹ́ lára, ó lè jẹ́ oṣù mélòó kan lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn kí iye náà tó rọlẹ̀, nítorí náà tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n bá tún ṣe lọ́sẹ̀ kejì kò ní sọ nǹkan gidi.

Mẹtidópà tí wọ́n máa ń fún aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń ru náà wà lára wọn, àwọn obìnrin kan bímọ tán wọ́n ṣì ń lò ó lọ ní tiwọn, kò sí ẹni tó ní kí wọ́n dúró. Ferapamíìlì fún ẹ̀jẹ̀ ríru náà, tiramadọ́ọ̀lù àti àwọn ẹbí rẹ̀ tí wọ́n fi ń pa ìrora náà. Ní ti ìfètò-sọ́mọ-bíbí, ká ní abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta tàbí èyí tí wọ́n ń fi sí apá lẹ ń lò ni, òun fúnra rẹ̀ ló ń da nǹkan oṣù rú, pirolákítìnì lè má mọwọ́ mẹsẹ̀ rárá, ẹ máa sọ fún dókítà tẹ́ ẹ bá ń lò ó.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé oògùn ni lóòótọ́, kì í ṣe pé à ń fọkàn ro ó? Ọ̀nà kan ló wà, kò sì le. Kí dókítà tó kọ oògùn ọ́sà yẹn fún yín pààrọ̀ rẹ̀ sí rabẹpirasóòlù nìkan, tàbí omẹpirasóòlù nìkan, èyí tí kò ní dọmpẹridóònù nínú. Ẹ máa rí i pé mi ò ní kẹ́ ẹ kàn fi oògùn ọ́sà sílẹ̀ lójijì, torí inú lè bẹ̀rẹ̀ sí í ta yín padà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko lẹ́yìn ẹyọ dọmpẹridóònù ìkẹyìn, kí ẹ tún ẹ̀jẹ̀ ṣe. Láàárín wákàtí 72 yẹn oògùn náà ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, bíréèkì á ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Tí iye náà bá ti 64 bọ́ sí 15 tàbí 20, ẹjọ́ parí. Tó bá bọ́ sí 35, mo lè ní ká fún un ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i ká tún un wò. Tó bá dúró lórí 60 ó lé, a jẹ́ pé oògùn yẹn kọ́, tàbí kì í ṣe òun nìkan, a ó máa wá a síwájú.

Nǹkan míì tún wà tó ń ṣẹlẹ̀ sí èsì yìí, bí wọ́n ṣe gba ẹ̀jẹ̀ náà ni. Pirolákítìnì máa ń ga tí èèyàn bá ń sùn, ó ṣì máa ń ga fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí èèyàn jí. Ó máa ń ga tí ara bá gbọ̀n, tí ẹ̀rù bá bà yín, tí wọ́n bá ń wá iṣan ẹ̀jẹ̀ tí wọn ò rí i tí wọ́n sì ń fi abẹ́rẹ́ gún yín léraléra, tẹ́ ẹ bá sáré gun àtẹ̀gùn dé lábù, tẹ́ ẹ bá bá ọkọ yín sùn tàbí tí wọ́n bá fọwọ́ tẹ ọmú yín láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìwọ̀nba ló máa ń fi kún un, 64 ga díẹ̀ ju ohun tí ìbẹ̀rù nìkan máa ń fà lọ, àmọ́ tí ẹlòmíì bá rí 32 tàbí 38, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyẹn ni gbogbo ẹ̀. Nítorí náà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tún un ṣe, ẹ jí ní aago mẹ́fà, ẹ lọ sí lábù ní bí aago mẹ́sàn-án, ẹ jókòó pẹ̀lẹ́ fún ìdajì wákàtí kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀. Tí ẹ bá jẹ́ ẹni tí abẹ́rẹ́ máa ń bà lẹ́rù gan-an, ẹ ní kí wọ́n fi kánúlà sí i, kí wọ́n dúró fún bí ìṣẹ́jú 20, kí wọ́n wá gba ẹ̀jẹ̀ látinú kánúlà náà, ìyẹn á jẹ́ pé ìgbà tí ara ti rọlẹ̀ ni wọ́n gbà á.

Kẹ́ ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ yéé tẹ ọmú yẹn. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ láti wò ó bóyá omi ṣì ń jáde, ńṣe lẹ̀ ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé ọmọ ń mu ọmú, ọpọlọ á sì gbé pirolákítìnì sókè. Ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló ń jò tó ń ba aṣọ jẹ́ nìkan ni kẹ́ ẹ sọ, tàbí tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló ń jáde, tàbí ọmú kan ṣoṣo, ìyẹn nílò kí wọ́n yẹ ọmú náà wò fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n bá ń gba ẹ̀jẹ̀, ẹ ní kí wọ́n ṣe TSH mọ́ ọn, ìyẹn họ́mónù tí pitúítárì fi ń jí táírọ́ìdì sí iṣẹ́. Táírọ́ìdì ló wà lọ́rùn, ibi tí gẹ̀gẹ̀ máa ń yọ. Tí táírọ́ìdì bá ń falẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ tó, ọpọlọ máa bẹ̀rẹ̀ sí í fi họ́mónù kan tí wọ́n ń pè ní TRH pariwo sí pitúítárì pé kó jí táírọ́ìdì, ariwo yẹn kan náà ló máa ń ru pirolákítìnì sókè. Ẹni tó ń ní in máa ń sọ pé òtútù ń mú òun nígbà tí ooru ń mú gbogbo èèyàn, ara wúwo, ó ń sanra láìjẹun púpọ̀, ìgbẹ́ ń gan, nǹkan oṣù lè máa pẹ́, tó bá sì dé ó lè máa ya.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti obìnrin kan fún yín, torí òun ló máa jẹ́ kó yé yín ìdí tí mi ò fi fẹ́ kẹ́ ẹ sáré lọ ya ọpọlọ. Pirolákítìnì tirẹ̀ ju 70 lọ díẹ̀, kò rí nǹkan oṣù fún oṣù márùn-ún, wọ́n ya MRI ní tààrà, MRI sì ní pitúítárì rẹ̀ wú. Gbogbo ilé ti ń sunkún, wọ́n ti ń wá owó iṣẹ́ abẹ. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ wa ohùn rẹ̀ ti ki, ojú rẹ̀ wú, ó wọ súẹ́tà lọ́sàn-án gangan, a ní kó ṣe TSH, ó kọjá 100, nígbà tó yẹ kó wà ní nǹkan bíi 4 sísàlẹ̀. Kì í ṣe kókó ló wú yẹn, pitúítárì fúnra rẹ̀ ló ti tóbi nítorí iṣẹ́ àṣejù, ó ń ṣe TSH lọ́sàn-án lóru láti fi jí táírọ́ìdì tí kò dáhùn. A fún un ní lẹfotairọkisíìnì, oògùn táírọ́ìdì tí wọ́n ń lò láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹun. Láàárín oṣù bíi mélòó kan pirolákítìnì ti wálẹ̀, nǹkan oṣù padà, ìgbà tí wọ́n sì tún ya MRI, pitúítárì ti padà sí bó ṣe yẹ. Ká ní wọ́n ti gbé e wọ tíátà ńkọ́? Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí ẹ̀, torí tẹ́ẹ̀sì TSH yẹn ò wọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi TSH tó jẹ́ 5 tàbí 6 pa yín lẹ́nu mọ́. Ìyẹn ga díẹ̀ lóòótọ́, kò tó ohun tó máa gbé pirolákítìnì dé 64. Táírọ́ìdì tó máa ṣe irú ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti falẹ̀ gidi gan-an.

Kí wọ́n wo kíndìnrín náà, tẹ́ẹ̀sì kiriátíníìnì ni, torí kíndìnrín wà lára ohun tó ń kó pirolákítìnì kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, tí kò bá ṣiṣẹ́, á máa kó jọ. Ẹ̀dọ̀ tó ti bàjẹ́ gan-an lè ṣe irú ẹ̀. Iná tó jó èèyàn láyà, iṣẹ́ abẹ àyà, tàbí ìléròró tó yọ yí ẹ̀gbẹ́ kan àyà po, àwọn náà máa ń rán iṣẹ́ kan náà tí ọmọ tó ń mu ọmú ń rán sí ọpọlọ. Ẹ̀yin ò sọ ìkankan nínú wọn, nítorí náà mi ò ní dúró lé e lórí.

Mo mọ̀ pé wọ́n tún máa sọ fún yín pé PCOS ni, ilé ẹyin tó kún fún àwọn hóró kéékèèké yẹn. Ó lè ba nǹkan oṣù jẹ́, kò sírọ́ níbẹ̀, àmọ́ tí wọ́n bá ní òun ló gbé pirolákítìnì dé 64, mi ò gbà. Ẹni tó ní PCOS tí pirolákítìnì rẹ̀ sì ga tó báyìí, ẹ wá ohun kejì tó ń gbé e sókè.

Ká ní ẹ ti pààrọ̀ oògùn, TSH dáa, kíndìnrín dáa, oyún kò sí, iye náà ṣì ga. Kó tó di MRI, ohun kan ṣì kù tí ọ̀pọ̀ ò gbọ́ rí, makiropirolákítìnì ni wọ́n ń pè é. Nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan, pirolákítìnì máa ń so mọ́ àǹtíbọ́dì, ìyẹn àwọn nǹkan tí ara fi ń gbógun ti àìsàn, àwọn méjèèjì á di ìdì ńlá kan. Ìdì yẹn tóbi jù, kì í lè jáde nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ dáadáa lọ síbi tó ti fẹ́ ṣiṣẹ́, kì í sì tètè kúrò lára, ó kàn ń káàkiri nínú ẹ̀jẹ̀ láìṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ẹ̀rọ lábù ò mọ ìyàtọ̀, gbogbo ẹ̀ ló máa kà pọ̀ pé pirolákítìnì ni. Lábù lè yà wọ́n sọ́tọ̀, wọ́n á po ẹ̀jẹ̀ náà mọ́ ohun kan tí wọ́n ń pè ní PEG, wọ́n á yí i nínú ẹ̀rọ, ìdì ńlá yẹn á sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀, wọ́n á wá tún èyí tó kù lókè wọ̀n. Tí 64 yín bá di 14, àròpọ̀ èké ni 64 yẹn, pirolákítìnì tó ń ṣiṣẹ́ nínú yín kò ga. Tó bá di 52, ó ga lóòótọ́. Kì í ṣe gbogbo lábù ló ń ṣe é, àwọn lábù ilé ìwòsàn ńlá lẹ ti lè béèrè. Ẹ má sì gbàgbé pé tó bá jẹ́ makiropirolákítìnì, a jẹ́ pé nǹkan míì ló ń da nǹkan oṣù yín rú, ibẹ̀ la ti máa wá padà sórí PCOS àti àwọn tó kù. Nínú tiyín, omi funfun tó ń jáde mú kí n rò pé tiyín ò ní jẹ́ irú èyí, àmọ́ kí wọ́n wò ó bí gbogbo yòókù bá já sófo.

MRI náà ní àkókò tirẹ̀, mi ò sọ pé kò wúlò. Ohun tí mò ń sọ ni pé tẹ́ ẹ bá ya ọgọ́rùn-ún èèyàn tí ara wọn le koko, ẹ máa rí kókó kékeré kan ní pitúítárì nǹkan bíi mẹ́wàá nínú wọn, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, kò sì ní ṣe ọ̀pọ̀ wọn ní nǹkan kan títí láé. Tẹ́ ẹ bá lọ ya á báyìí, tí wọ́n wá rí irú kókó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ mìlímítà 3, kò sẹ́ni tó máa tún rántí dọmpẹridóònù mọ́, wọ́n á ti lẹ ẹjọ́ náà mọ́ kókó aláìṣẹ̀, ẹ̀yin á sì bẹ̀rẹ̀ oògùn ọlọ́dún pípẹ́ tí kò kàn yín.

Àwọn tí mi ò ní jẹ́ kó dúró rárá: ẹni tí iye rẹ̀ kọjá 100 tí kò lo oògùn kankan, ẹni tí orí ń fọ́ tí kò lọ, ẹni tí ojú rẹ̀ ò rí ẹ̀gbẹ́ mọ́, tó ń fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn tàbí tí kò rí ọ̀kadà tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ títí tó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ti ojú yìí ṣe pàtàkì kódà tí iye náà bá jẹ́ 50 tàbí 60 bíi tiyín, torí kókó ńlá kan tí kì í ṣe òun ló ń ṣe pirolákítìnì lè jókòó sórí okùn tín-ín-rín tí dópámíìnì ń gbà dé pitúítárì, kó fún un pa, iye náà á wà ní ìwọ̀nba, ewu á sì wà ńbẹ̀. Ẹ̀yin ò sọ̀rọ̀ orí fífọ́ tàbí ojú, tó bá wà tẹ́ ẹ gbàgbé láti kọ ọ́, gbogbo ohun tí mo kọ sókè nípa dídúró ò kàn yín mọ́, ẹ lọ rí dókítà ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹni tí kò sì lè fi oògùn ọpọlọ sílẹ̀ láti fi dán an wò, tí a ò sì mọ̀ bóyá iye náà ti ga kó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, MRI tọ́ sí òun náà.

Ní ti bíromokíríptíìnì, ẹ má tíì fi sẹ́nu. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń ṣe bíi dópámíìnì, ó ń tẹ bíréèkì padà, nítorí náà ó máa mú iye náà wálẹ̀ láìka ohun tó gbé e sókè sí, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ẹni tó bá ń lo dọmpẹridóònù pẹ̀lú bíromokíríptíìnì, ó ń fi oògùn kan tú bíréèkì, ó ń fi ìkejì tẹ̀ ẹ́. Ó máa ń da inú rú, ó máa ń mú òòyì kọ́ èèyàn tó bá dìde lójijì, nínú ẹni tó bá ní àìsàn ọpọlọ ó lè ru àìsàn náà sókè. Tí pirolákítìnì bá sì wálẹ̀, yálà nípa oògùn yìí tàbí nípa pé ẹ fi dọmpẹridóònù sílẹ̀, ẹyin lè já kí nǹkan oṣù tó dé, ìyẹn ni pé ẹ lè lóyún láìrí nǹkan oṣù kankan ṣáájú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ọmọ, ó dáa. Tẹ́ ẹ ò bá tíì fẹ́, ẹ ti múra sílẹ̀ láti ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti pààrọ̀ oògùn.

Nítorí náà tẹ́ẹ̀sì oyún lọ́la, dókítà ọ́sà yín lọ́sẹ̀ yìí, ọjọ́ mẹ́ta láìsí dọmpẹridóònù, ẹ̀jẹ̀ fún pirolákítìnì, TSH àti kiriátíníìnì ní lábù kan náà tẹ́ ẹ ti ṣe tàkọ́kọ́, torí ẹ̀rọ lábù kan sí òmíràn máa ń yàtọ̀, àwọn kan sì máa ń kọ ọ́ ní mIU/L, 64 yín máa di nǹkan bíi 1,350 lọ́dọ̀ wọn, kó má wá dẹ́rù bà yín. Tó bá ti wálẹ̀, ẹ máa kọ ọjọ́ nǹkan oṣù yín sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kò ní tò padà lọ́jọ́ kan, àkọ́kọ́ ṣì lè pẹ́ díẹ̀. Tí oṣù mẹ́ta bá pé tí kò tíì lọ déédé pẹ̀lú pirolákítìnì tó ti dáa, ẹ padà lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin kó wo ilé ẹyin, kì í ṣe ọpọlọ.